Agbè La Fọ́, Omi Ti Lọ: Ohun Tí Pípa Fóònù Rẹ́ Láti Òkèèrè Kò Lè Mú Kúrò

Aago 7 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ti dá gbogbo ọkọ̀ dúró lábẹ́ bíríjì Ojúẹlẹ́gbà. Àbúrò mi obìnrin wà nínú dáńfó tó ń bọ̀ láti Yábàá. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí, ó ń fèsì ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ọwọ́ kan ti ìta wọlé, ó já fóònù náà gbà. Àbúrò mi figbe ta, ó bẹ́ sílẹ̀, ó gbá tọ ọmọkùnrin náà títí dé ibi tí wọ́n ń pàtẹ bàtà sí, kò bá a. Nígbà tó fi máa padà sídìí ọkọ̀, báàgì tó fi sílẹ̀ lórí ìjókòó ti pòórá. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà nínú báàgì náà, káàdì ATM rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó kù díẹ̀ kí aago 8 lù nígbà tó wọlé tọ̀ mí wá ní Láwánsọ̀n. “Àǹtí mi, wọ́n ti gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ mi,” ló wí, ló bá bú sẹ́kún. Àwọn ará ilé yí i ká, wọ́n ń sọ ohun tí a máa ń sọ fún ẹni tí àdánù bá: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èmi ní tèmi kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo na fóònù mi sí i, mo ní, “Jẹ́ ká kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́, kí wọ́n má bà á lò.”

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ló mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Irọ́ kọ́ ni, ó ṣeé ṣe láti pa ohun inú fóònù rẹ́ láti ibi tí a jókòó sí. Ṣùgbọ́n mo fi ohun tó yẹ kó kẹ́yìn ṣíwájú, owó ló sì bá a lọ. Ìwádìí tí NBS, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 fi yé wa pé jíjí fóònù ni ìwà ọ̀daràn tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan jù lọ ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tó ń ka èyí lè wà nípò àbúrò mi lọ́la. Mo fẹ́ kó mọ ohun tí àṣẹ yẹn ń ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe.

Àṣẹ tó ń dúró de ọ̀nà

Fóònù Android ni tirẹ̀. Irinṣẹ́ tí Google ṣe fún wíwá irú fóònù bẹ́ẹ̀ ni Find My Device tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2025 ni wọ́n ti ń pè é ní Find Hub. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò lọ sí android.com/find lórí fóònù ẹlòmíràn, yóò fi orúkọ ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ wọlé, máàpù yóò sì yọ. Ó lè mú kí fóònù náà dún, ó lè tì í pa kó sì kọ nọ́ńbà sí ojú rẹ̀, ó sì lè tẹ ibi tí wọ́n kọ Factory reset sí láti pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́.

Ẹnu ọ̀nà gan-an ni a ti kọ́kọ́ há. A tẹ páswọ́ọ̀dù, ó tọ́, ṣùgbọ́n Google ní òun ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, kí ó tẹ “Bẹ́ẹ̀ ni” níbẹ̀. Fóònù wo? Èyí tó wà lọ́wọ́ olè. A ní kó fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ lórí láìnì. Láìnì náà wà lọ́wọ́ olè. Ààbò onílẹ̀kùn méjì tó fi sí àkáǹtì rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kejì ni wọ́n jí yẹn. Google máa ń fún ènìyàn ní kóòdù mẹ́wàá tó lè kọ sórí ìwé, kóòdù kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ, fún irú ọjọ́ báyìí. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tó ti gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló yọ wá, nítorí pé àkáǹtì rẹ̀ ṣì ṣí lórí rẹ̀. Kí ẹni tó bá wa mú un wá tó dé, ó ti di aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 15.

Máàpù fi àmì kan hàn wá nítòsí Ìdí-Òrò ní Mushin, ó sì kọ sí i pé aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 31 ni fóònù náà ti hàn kẹ́yìn. A tẹ Factory reset. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò mọ ìdí rẹ̀. Àṣẹ tí a fi ránṣẹ́ kì í bá atẹ́gùn fò wọ inú fóònù. Ọ̀dọ̀ Google ló ń lọ, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí títí fóònù náà yóò fi wá sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yálà nípa dátà tàbí Wáìfáì. Fóònù náà gbọ́dọ̀ tàn, àkáǹtì olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Fóònù tí wọ́n pa, tàbí tí wọ́n yọ síìmù rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Dátà wa ní Èkó sì rèé, inú síìmù ló ń gbé. Ìṣẹ́jú tí olè bá yọ síìmù ni ọ̀nà àṣẹ yẹn ti dí, ohun tí ó sì kọ́kọ́ máa ń yọ nìyẹn.

Ẹni tó ń lo iPhone rí ìrọ̀rùn díẹ̀ níbí. Ní iCloud.com/find, Apple kì í béèrè nọ́ńbà kejì lọ́wọ́ ẹni tó wá wá ohun tó sọnù, páswọ́ọ̀dù nìkan tó. Ṣùgbọ́n àṣẹ tirẹ̀ náà máa ń dúró de ọ̀nà. Yóò kàn kọ sí ojú pé ó ń retí, títí íńtánẹ́ẹ̀tì yóò fi kan fóònù.

Ohun tí pípa rẹ́ ń ṣe

Kí n má ṣe àbùkù fún irinṣẹ́ náà. Bí àṣẹ bá dé inú fóònù, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Fóònù òde òní kì í kó àwòrán àti ọ̀rọ̀ wa pamọ́ bí a ṣe ń rí i lójú. Ó máa ń sọ ọ́ di àdììtú kó tó kọ ọ́ sínú ara rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan tó wà nínú fóònù náà nìkan ló sì lè tú u. Gbogbo fóònù Android tó jáde tuntun láti ìgbà Android 10, lọ́dún 2019, ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan fún. Nígbà tí àṣẹ ìparẹ́ bá dé, fóònù kì í jókòó máa nu àwòrán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ń run. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tó kù nínú rẹ̀ di àdììtú tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́, ì báà jẹ́ atúnfóònùṣe tó mọṣẹ́ jù ní Yábàá.

Ohun tó tẹ̀lé èyí ni ohun tí mi ò rò ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí fóònù bá ti wà ní títì, tí ẹni tó jí i kò sì mọ nọ́ńbà tí a fi ń ṣí i, àdììtú yẹn ti ń ṣọ́ ohun inú rẹ̀ kí àṣẹ ìparẹ́ tó dé rárá. Ìparẹ́ ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni. Ewu ńlá wà nígbà tí wọ́n bá já fóònù gbà ní ṣíṣí, bíi ti àbúrò mi. Títì ni irú fóònù bẹ́ẹ̀ nílò kíákíá, kí ó tó kan pípa rẹ́. Google ní ilẹ̀kùn mìíràn fún èyí: android.com/lock. Nọ́ńbà fóònù tó sọnù nìkan ni ènìyàn ń tẹ síbẹ̀, kò béèrè páswọ́ọ̀dù, fóònù yóò sì ti ara rẹ̀ pa bó bá wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí àbúrò mi bá ti yá fóònù ẹlòmíràn lò ó kí olè tó yọ síìmù, ó lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ ti tàn án tẹ́lẹ̀ nínú ètò fóònù, ní abẹ́ Theft protection. Kò tàn án.

Síìmù kò sí nínú fóònù

Ní aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 40, bí a ṣe ń wo àmì orí máàpù tí kò mì, àbúrò mi ṣí ímeèlì rẹ̀ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Báńkì rẹ̀ ti fi ìfitónilétí márùn-ún ránṣẹ́. ₦20,000 ní ìgbà márùn-ún, èyí àkọ́kọ́ ní aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 5, èyí ìkẹyìn ní aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 21. Ìgbà tí a ń wá kóòdù tí a ó fi wọlé láti pa fóònù rẹ́ ni owó náà ń jáde.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà náà. Kò yẹ kó yà mí lẹ́nu. Síìmù kì í ṣe ara fóònù. Ike kékeré kan tó dá dúró ni, tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú fóònù kan tí wọ́n fi sínú òmíràn, nọ́ńbà ẹni ti ṣí lọ síbẹ̀. Kò sí àṣẹ Google tàbí ti Apple tó lè kàn án. Lórílẹ̀-èdè wa, nọ́ńbà yẹn ló sì so gbogbo nǹkan pọ̀: báńkì, BVN, NIN, WhatsApp. Kóòdù tí a fi ń bá báńkì ṣòwò láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìsí áàpù, láìnì nìkan ló ń wò. Fóònù tọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ lè tẹ̀ ẹ́. Píìnì nọ́ńbà mẹ́rin ló kù láàárín olè àti owó, báńkì púpọ̀ ló sì gbà kí ènìyàn fi àwọn nọ́ńbà orí káàdì ATM dá píìnì tuntun. Káàdì náà wà nínú báàgì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ bá ọ̀gá kan tó ti ń tún fóònù ṣe ní Yábàá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó gbọ́ ìtàn náà, ó mi orí. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀ ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn iwájú, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà wọlé. Fóònù yẹn, wọ́n á rí owó rẹ̀ bó bá yá. Síìmù ni owó ojú ẹsẹ̀.”

Ìdí tí owó náà fi dúró ní ₦100,000 ni pé Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti fi ààlà sí iye tí ènìyàn lè fi kóòdù fi ránṣẹ́ lójúmọ́, iye náà sì nìyẹn. A pe nọ́ńbà báńkì rẹ̀, ó ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. A fi orí tì í, a ní ó di òwúrọ̀. Lójúmọ́ ni wọ́n sọ. Ọjọ́ tuntun sì ń bẹ̀rẹ̀ láàárín òru. Ní aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 6, ₦45,000 tó ṣẹ́kù bá ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìpè kan ì bá dá èyí dúró. Láti ọdún 2023, NCC, àjọ tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ fóònù, ti sọ 300 di nọ́ńbà kan náà tí oníbàárà nẹ́tíwọ́ọ̀kì èyíkéyìí fi ń pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí láìnì rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olè yóò yá fóònù ẹni tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, yóò pe 300, yóò sọ pé kí wọ́n ti láìnì òun pa. Wọn á bi í ní àwọn ìbéèrè tí oníláìnì nìkan mọ̀, bíi NIN rẹ̀ tàbí àwọn nọ́ńbà tó máa ń pè. Bí láìnì bá ti kú, kóòdù báńkì kú pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo nọ́ńbà ìdánilójú tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Aago 6 ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta la tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó yẹ kí a rò dáadáa. Bí síìmù bá ṣì wà nínú fóònù, títi láìnì pa yóò gé dátà rẹ̀, àṣẹ ìparẹ́ kò ní rí ọ̀nà àfi bí Wáìfáì bá kàn án. Àwọn kan máa ń tìtorí èyí dá láìnì sí. Mo ti ro ó síwá sẹ́yìn, ìdáhùn mi kan náà ni. Àdììtú ń ṣọ́ fóònù tó wà ní títì. Kò sí ohun tó ń ṣọ́ láìnì. Láìnì ni kí a kọ́kọ́ tì.

Àwọn ẹ̀dà tó ti jáde

Kì í ṣe síìmù nìkan ni ìparẹ́ kò kàn. Mẹ́mọ́rì káàdì tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ fóònù tún wà níbẹ̀. Google fúnra rẹ̀ sọ pé ìparẹ́ lè má dé orí rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ tó sì fi sínú fóònù mìíràn yóò rí àwòrán inú rẹ̀ bí ó ṣe wà. Àwòrán káàdì báńkì àti ti ìwé NIN wà lára ohun tí àwa èèyàn máa ń tọ́jú síbẹ̀.

WhatsApp tún wà. Ẹni tó ní síìmù yín lè fi nọ́ńbà yín ṣí WhatsApp tuntun lórí fóònù tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yín kò ní sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yín, àwọn ẹgbẹ́ tí ẹ wà nínú rẹ̀, àti àwọn tó ń kọ̀wé sí yín yóò wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ẹni mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì àbúrò mi gba ìròyìn pé ó wà ní ọsibítù, kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Fóònù tí a ń gbìyànjú láti pa rẹ́ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tó ń dá èyí dúró ni píìnì onínọ́ńbà mẹ́fà tí a lè fi sí WhatsApp fúnra rẹ̀ ṣáájú. Bí olè bá ṣáájú ẹni fi tirẹ̀ sí i, ẹni tó ni nọ́ńbà lè dúró fún ọjọ́ méje kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ní kété tí ó bá ti gba síìmù rẹ̀ padà, tí ó sì tẹ nọ́ńbà ìdánilójú tuntun tí WhatsApp fi ránṣẹ́, olè náà ti jáde.

Láptọ́ọ̀pù: ibi tí kò tilẹ̀ sí àṣẹ ìparẹ́

Nígbà tí a rántí láptọ́ọ̀pù, a lọ sí account.microsoft.com/devices. Windows ló wà lórí rẹ̀, mo sì rò pé ohun tí Google ń ṣe ni Microsoft náà yóò ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà aládàáni, ó lè fi ibi tó wà hàn, ó lè tì í pa, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti lè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń fi irinṣẹ́ àkóso bíi Intune ṣọ́ kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, oníkọ̀ǹpútà Mac náà lè ṣe é láti ọ̀dọ̀ Apple. Ẹni tó lọ ra láptọ́ọ̀pù Windows tirẹ̀ kò lè ṣe é. Láptọ́ọ̀pù kì í sábà ní síìmù pẹ̀lú, nítorí náà ó lè má rí íńtánẹ́ẹ̀tì fún oṣù kan.

Páswọ́ọ̀dù tí a ń tẹ̀ bí Windows bá tàn ńkọ́? Ilẹ̀kùn iwájú lásán ni. Ẹni tó bá tú ìdí láptọ́ọ̀pù, tó yọ háàdì inú rẹ̀, tó sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, yóò ka gbogbo fáìlì rẹ̀ láìtẹ páswọ́ọ̀dù kankan, bí háàdì náà kò bá wà nínú àdììtú. Èkó mọ ìtàn yìí tipẹ́. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá wo òwò kọ̀ǹpútà àlòkù ní ìlú wa. Wọ́n ra àwọn háàdì tó ti òkè òkun wá, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ti lò wọ́n nínú wọn. Àwọn yẹn kò tilẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n jí. Àwọn tó ni wọ́n ló fọwọ́ ara wọn kó wọn dànù.

Nítorí náà, ìgbà kan ṣoṣo tí a lè dáàbò bo láptọ́ọ̀pù Windows ni kí wọ́n tó jí i. Ẹ tẹ cmd sí ibi ìwákiri Windows, ẹ yan Run as administrator, kí ẹ sì kọ èyí:

```
manage-bde -status C:
```

Ìlà méjì ni kí ẹ wò. Níwájú Conversion Status, ẹ ó rí bóyá wọ́n ti sọ háàdì náà di àdììtú. Níwájú Protection Status, ó yẹ kí ẹ rí Protection On. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo ti àkọ́kọ́ nìkan, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Bí háàdì bá wà nínú àdììtú ṣùgbọ́n tí ìlà kejì sọ pé Protection Off, ó túmọ̀ sí pé kọ́kọ́rọ́ àdììtú náà wà lórí háàdì kan náà ní gbangba, bí ẹni tó ti ilé tó sì fi kọ́kọ́rọ́ há ojú ilẹ̀kùn. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ bí oníkọ̀ǹpútà kò bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé rí. Bó bá fi wọlé, ààbò náà yóò tàn, kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tó jẹ́ nọ́ńbà 48 yóò sì wà nípamọ́ nínú àkáǹtì rẹ̀. Kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sí ibòmíràn, nítorí pé bí ẹ bá pàdánù rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lè di àlejò nínú háàdì yín.

Orí láptọ́ọ̀pù àbúrò mi, àkójọ orúkọ àti NIN àwọn oníbàárà rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 sọ pé ẹni tó ń tọ́jú dátà àwọn ẹlòmíràn, tí ohun tó lè pa wọ́n lára bá ṣẹlẹ̀ sí i, gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ tó ń rí sí i láàárín wákàtí 72. Ẹkún ló sun jù nígbà tó gbọ́ èyí. Owó jẹ́ tirẹ̀. Orúkọ àwọn ènìyàn kì í ṣe tirẹ̀.

Àmì orí máàpù kì í ṣe ilé

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé wa fẹ́ lọ sí Ìdí-Òrò. “Ẹ jẹ́ ká lọ gbà á, mà, ibi tó wà rèé.” Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní ẹnikẹ́ni kò ní lọ. Àmì náà ní òbìrí kan tó yí i ká. Inú òbìrí náà, níbikíbi, ni fóònù ti lè wà. Ní Mushin, irú òbìrí bẹ́ẹ̀ lè kó ilé mẹ́wàá pọ̀, yàrá mẹ́wàá ní ojúkojú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sì wọ ilé kan tí ẹ kígbe olè, ẹ mọ ohun tí àwọn ará àdúgbò lè ṣe fún ẹni tí ẹ bá nàka sí, kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ọlọ́pàá pẹ̀lú ti ṣìnà bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, àwọn ọlọ́pàá adìhámọ́ra ya wọ ilé ìyá àgbà ẹni ọdún 77 nítorí pé iPhone kan tí wọ́n jí fi àmì hàn ní agbègbè ilé rẹ̀. Wọ́n fọ́ ilé náà, wọn kò bá nǹkan kan. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 3.76 dọ́là fún un. Ẹ gbé àmì náà fún ọlọ́pàá àdúgbò pẹ̀lú nọ́ńbà IMEI fóònù, èyí tí ẹ lè rí lára páálí rẹ̀, tàbí kí ẹ ti tẹ *#06# kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Iṣẹ́ tí àmì náà lè ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Ó sì tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé lórí Android, ìparẹ́ àti máàpù kì í jọ wà pẹ̀lú ara wọn. Bí fóònù bá ti parẹ́, Find Hub kò rí i mọ́. Ohun tó ṣì ń dí olè lọ́wọ́ ni pé fóònù náà yóò béèrè àkáǹtì Google tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. iPhone náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2013. Èyí ló fà á tí ìwé àrékérekè fi máa ń tẹ̀lé e. Bí ẹ bá ti gba láìnì yín padà, tí ọ̀rọ̀ kan wọlé pé wọ́n ti rí fóònù yín, kí ẹ tẹ ibí kí ẹ fi páswọ́ọ̀dù wọlé, olè ló kọ ọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bó bá sì jẹ́ iPhone, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì yín nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú yín. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti bá olè ṣí ìlẹ̀kùn tó kẹ́yìn.

Bí ó ṣe yẹ kó tẹ̀lé ara wọn

Bí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn bá tún padà, mo mọ bí n ó ṣe ṣe é. Bí ó bá ṣe ń wọlé, n ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí android.com/lock, ìṣẹ́jú kan ni. N ó yá fóònù aládùúgbò tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, n ó pe 300. A ó tẹ kóòdù tí báńkì rẹ̀ ṣe fún títi àkáǹtì pa láti orí fóònù ẹlòmíràn. Báńkì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ó sì yẹ kó ti wà lórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni a ó jókòó ti Find Hub, a ó fi àṣẹ ìparẹ́ ránṣẹ́, a ó sì fi sílẹ̀ kó máa dúró de ọ̀nà rẹ̀. Ìgbà tí ìyẹn bá parí tán ni a ó tó yọ fóònù náà kúrò lára àwọn tó wọlé sí àkáǹtì Google rẹ̀, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ ọ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ já okùn tí àṣẹ náà ń gbà lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni àṣẹ wa tó dé ibi tó ń lọ. Bóyá ẹnì kan tan fóònù náà sí ibi tí Wáìfáì wà. Àbúrò mi wo Find Hub lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, fóònù náà kò sí níbẹ̀ mọ́. “Ó ti parẹ́, Àǹtí mi,” ló wí. Ohun tí mo ní ká ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an bí mo ṣe sọ ọ́, kò sì gba kọ́bọ̀ kan là. Àwọn ará ilé ti sọ fún un pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ní tiwa, agbè la fọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, nígbà tí omi ti kúrò nínú rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ó ra fóònù àlòkù kan ní Tẹ̀júoṣó ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kó tó fi síìmù tuntun sí i, ó pe ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, ó béèrè píìnì tó wà lórí síìmù láti ilé-iṣẹ́, ó sì yí i padà sí tirẹ̀ nínú ètò fóònù, níbi tí wọ́n kọ SIM lock sí. Kò fọwọ́ méfò, nítorí bí ènìyàn bá tẹ píìnì síìmù lódì lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù yóò béèrè nọ́ńbà PUK. Bó bá tẹ ìyẹn lódì lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù náà kú pátápátá. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá yọ síìmù rẹ̀ sínú fóònù mìíràn yóò bá ìlẹ̀kùn pàdé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a jókòó sídìí tábìlì, a sì kọ kóòdù mẹ́wàá Google rẹ̀ sórí ìwé kan, tèmi sórí òmíràn. A kọ nọ́ńbà IMEI àti kóòdù báńkì sí abẹ́ rẹ̀. A kò kọ páswọ́ọ̀dù síbẹ̀, torí náà ìwé náà nìkan kò lè ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ìwé tirẹ̀ wà nínú àpótí mi ní Láwánsọ̀n. Tèmi wà lọ́dọ̀ rẹ̀.